Tí ọkọ tàbí aya bá ń fi tẹ́tẹ́ jẹ owó ilé: ààlà tí ẹ lè pa, àti ìgbà tó tọ́ láti kó jáde

Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, tàbí tó ń kọ nọ́ńbà Baba Ìjẹ̀bú, débi pé owó ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀. Mo kọ ọ́ bíi pé aya ló ń kà á, torí àwọn ìyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ká mọ́ inú ilé. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ló ń ta á náà lè tẹ̀lé e.

Ohun kan gbọ́dọ̀ yé wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. "O ò gbọdọ̀ ta bẹ́ẹ̀tì mọ́" kì í ṣe ààlà. Àṣẹ ni, ẹ ò sì ní agbára tí ẹ máa fi mú un ṣẹ, torí ẹ ò lè máa ṣọ́ fóònù àgbàlagbà láti Ọjọ́-Ajé dé Ọjọ́-Àìkú. Ààlà ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe, tàbí tí ẹ ò ní ṣe, pẹ̀lú owó yín, orúkọ yín àti ẹsẹ̀ yín. Gbogbo ohun tó kù dá lórí èyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye tó ń lọ

Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ máa ń sọ èyí tó jẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé, gbogbo ilé á gbọ́, adìyẹ á wọ ìkòkò. Èyí tó já, kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè fi ẹnu rẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe rí.

Tó bá gbà, ẹ ní kó gba àkọsílẹ̀ oṣù kan láti báǹkì rẹ̀. Ẹ ro gbogbo owó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀tì pọ̀, ẹ yọ èyí tó padà wá kúrò nínú rẹ̀. Iye tó kù ni ohun tó ń jáde nínú ilé yín lóṣooṣù. Tí kò bá gbà, ẹ ka á láti ọ̀dọ̀ tiyín: ẹ kọ iye tó mú wálé lóṣù yìí sílẹ̀, ẹ fi wé iye tó ń mú wá tẹ́lẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀tì ni wàhálà dé bá. Ẹni tó fi ₦500 ta géèmù lópin ọ̀sẹ̀, tó já, tó sì gbàgbé rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi ₦500 mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé kó máa padà lọ lọ́jọ́ kan náà láti lé èyí tó pàdánù, kó máa fi pamọ́ kó sì máa purọ́ lórí rẹ̀, kó máa yá owó tàbí kó máa ta ẹrù ilé torí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí tó bá ti kúrò lórí bọ́ọ̀lù gidi bọ́ sórí bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní fíṣúà. Ìyẹn kì í dúró de Sátidé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń parí, òmíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀, tọ̀sán tòru.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka tẹ́tẹ́ tó ti di bárakú kún àìsàn ọpọlọ. Mo mẹ́nu bà á torí pé ó ṣàlàyé ohun tó máa ń rú àwọn ìyàwó lójú: ọkùnrin lè sunkún, kó fi Bíbélì tàbí Kùránì búra, kó jẹ́ òtítọ́ ló ń sọ, kó sì tún lọ ta á ní Ọjọ́bọ̀. Ìbúra rẹ̀ kì í ṣe irọ́ nígbà tó ń búra, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi san owó ilé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tọ́jú owó yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n máa fi owó sí. Ẹ yí i padà. Ṣe gbogbo èyí láìpariwo.

Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì yín àti èyí tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí ọmọ, torí òun náà mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ìka ọwọ́ yín ló ń ṣí áàpù báǹkì, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan gbé fóònù sí ìka yín lójú oorun. Ẹ pa ìyẹn rẹ́, kí ẹ máa fi nọ́ńbà ṣí i.

Ẹ má fi owó yín sínú àkáǹtì rẹ̀, àní bí owó ọmọ ni ẹ bá ń kó jọ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó lè ná an, ohun mìíràn wà níbẹ̀. Láti ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báǹkì tí èèyàn jẹ lówó fi lè gba owó rẹ̀ láti inú àkáǹtì mìíràn tó ní BVN ẹni náà nínú, ní báǹkì tó yàtọ̀. Owó ilé-ìwé tí ẹ fi pamọ́ sí orúkọ ọkọ lè bá gbèsè tí ẹ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí lọ.

Owó àjọ ojoojúmọ́ tàbí èésú, ẹ̀yin ni kí alájọ máa pè nígbà tó bá kan yín, kó má ṣe gbé e fún "Dádì àwọn ọmọ" lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ ọ́ fún un kedere. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má ṣàlàyé púpọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ èmi nìkan ni kí ẹ máa kó o lé."

Owó ilé ńkọ́? Tó bá ṣeé ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ san án fún onílé tàbí ejẹ́ǹtì rẹ̀, kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà níbẹ̀, ó dára. Ìwé yẹn ló máa fi hàn pé ilé náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan bí ọ̀rọ̀ bá burú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbèsè tẹ́tẹ́

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ àti àánú ti ń ba nǹkan jẹ́. Tí ẹ bá san gbèsè tẹ́tẹ́ fún un, ẹ ti mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn rẹ̀, ẹ sì ti ṣí ọ̀nà fún ẹ̀yáwó tuntun. Ẹni tó yá a lówó lánàá ti rí i pé ìyàwó rẹ̀ ń san. Yóò tún yá a.

Nítorí náà, ẹ má san án. Ẹ má sì yá owó ní orúkọ yín fún un. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ó ní òun fẹ́ fi ra irinṣẹ́, ẹ̀yin sì wà nínú ẹgbẹ́ tí báǹkì kékeré ń yá lówó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí nínú àjẹsẹ́kù ọjà. Ẹ á gbà á, ẹ á gbé e fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí owó láti dá, àwọn obìnrin tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ sì jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Gbèsè yín nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bákan náà ni kíkọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí onídùúró: ẹ má kọ ọ́, ì báà jẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù máa ń pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù ẹni tó jẹ wọ́n. Tí wọ́n bá pè yín, ìdáhùn kan ṣoṣo ló tó: "Èmi kọ́ ni mo yá a, mi ò sì ṣe onídùúró." Ẹ má ṣèlérí, ẹ má san "díẹ̀ kí wọ́n lè dákẹ́". Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá fi halẹ̀, torí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà, ń gba ẹjọ́ irú wọn.

Ìyá ọkọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀yin kò bá san, tí Màámà ní Abẹ́òkúta sì ń ta ilẹ̀ san, ààlà yín kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ tí kì í bẹ̀rù láti sọ òtítọ́, ẹ̀gbọ́n tó lẹ́nu lórí rẹ̀, ẹ fi àkọsílẹ̀ báǹkì hàn án. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ran ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí owó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ọ́, ẹ dá ọjọ́ sí i

Ẹ má sọ ọ́ ní Sátidé tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, ẹ má sọ ọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù tàbí tó ti mutí, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Tó bá ti na yín rí, ẹ má dá sọ ọ́ nínú ilé rárá. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí kọjá lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa jíjáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan bí àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin náà ní Ìyá Ìbejì. Bàrígà ni wọ́n ń gbé, ó ń ta ohun èlò ọbẹ̀ ní ọjà Oyíngbò, èrè rẹ̀ sì tó ₦110,000 lóṣù. Ọkọ rẹ̀ ń jó irin ní Ládípọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń san ₦45,000 fún un ní gbogbo Sátidé. Owó ilé wọn jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Owó ilé-ìwé ọmọ méjèèjì jẹ́ ₦140,000 ní sáà kan. Owó ilé ọdún yìí tí wọ́n ti kó jọ dé ₦350,000 ti wọ bẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì jókòó ṣírò. Owó ilé jẹ́ ₦50,000 lóṣù, ilé-ìwé ₦35,000. Ìyẹn ₦85,000 ni kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó lè dá a gbé látinú èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ₦25,000 tó máa kù kò lè bọ́ ẹni mẹ́rin. Nítorí náà, oúnjẹ àti gáàsì gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkọ. Ó tún rí nǹkan kan: ọjọ́ tí wọ́n ń san owó fún un gan-an ni ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù pọ̀ jù.

Ohun tó sọ fún un ní alẹ́ Ọjọ́-Ìṣẹ́gun nìyí:

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi tán. Mi ò ní san gbèsè bẹ́ẹ̀tì kankan mọ́, mi ò sì ní yá owó lórúkọ mi. Owó ilé àti owó ilé-ìwé á máa wà lọ́wọ́ mi, èmi ni màá máa san wọ́n. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fúnra yín sọ fún ọ̀gá yín kó máa fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi kó tó kó ìyókù fún yín. Oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ ká fi wò ó. Tí ẹ bá yá owó mìíràn lẹ́yìn mi, tàbí tí ẹ bá mú owó tí mo fi pamọ́, èmi àti àwọn ọmọ á lọ gbé ibòmíràn."

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Gbogbo "màá" àti "mi ò ní" wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún, ó sì ṣeé rí bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, torí Sátidé tó bá dé, owó á wọlé tàbí kò ní wọlé. Kò sọ pé "màá kó jáde" lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kó tó yí i padà. Ẹ má sọ ohun tí ẹ ò ní ṣe. Lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá sọ ọ́ tí ẹ kò sì ṣe é, èyí tó kàn kò ní wúlò.

Bí ìgbìyànjú gidi ṣe máa ń rí

Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ máa ń ní ibi tí oníbàárà ti lè ní kí wọ́n ti àkáǹtì òun pa fún ìgbà kan. Kó ṣe é níwájú yín, ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ti forúkọ sílẹ̀, torí ọ̀kan kì í ti òmíràn pa. Ó máa ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò tó: ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ṣì lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì ní òpópónà yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju áàpù tó wà lórí fóònù rẹ̀ lọ.

Kó lọ rí dókítà. Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ń tọ́jú àwọn tí bárakú mú, kì í ṣe àwọn tó ti ya wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Àdúrà pásítọ̀ tàbí ti àlùfáà dára, kó lọ sí ibẹ̀ náà.

Tó bá ń mutí pọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ń mu ògógóró tàbí ọtí líle lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mu, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé. Gìrì lè mú un, orí rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè pa á. Dókítà ni kó bá a dín in kù.

Ó lè tún ṣubú. Ìyẹn nìkan kì í ṣe òpin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọkọ Ìyá Ìbejì fi ₦15,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ta géèmù, gbogbo rẹ̀ já. Ó wálé lálẹ́ yẹn, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ààlà náà kò já, torí kò yá owó, kò sì fọwọ́ kan owó tí ìyàwó fi pamọ́. Ẹni tó ṣubú tó sọ kí ẹ tó rí i ṣì ń jà. Ẹni tí ẹ máa ń ká mọ́ ọn, tó sì ní irọ́ tuntun nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó tọ́ láti lọ

Tó bá na yín, tàbí tó na ọmọ, tàbí tó fi ọ̀bẹ halẹ̀, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Ẹ lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo gbà pé ó ti tọ́ láti lọ nígbà tí dídúró yín bá ti ń mú kí àwọn ọmọ pàdánù ju bí ẹ bá lọ. Ẹ lè mọ̀ ọ́n báyìí: owó ilé ti lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti lo orúkọ yín tàbí BVN yín yá owó láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ó ń ta ẹrù ilé, ẹ ti sọ ààlà, ẹ ti fún un ní àsìkò, kò sì ṣe ohun kan ṣoṣo tí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yin náà ti ń purọ́ fún àwọn òbí yín àti fún olùkọ́ àwọn ọmọ láti bò ó, ìyẹn náà jẹ́ àmì.

Nínú oṣù kẹta, áàpù kan pe Ìyá Ìbejì lórí ₦90,000 tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó jí lóru, ó bá ọkọ rẹ̀ tó gbé fóònù Ìyá Ìbejì lọ́wọ́, tó ń gbìyànjú nọ́ńbà àṣírí. Ọ̀kan nínú ohun méjì tó ti dárúkọ ti ṣẹlẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti ń gbìyànjú èkejì. Kò tún jókòó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró: "Tí o bá lọ, màá pa ara mi." Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀, torí gbèsè tẹ́tẹ́ ti sún èèyàn débẹ̀. Ẹ pe ẹbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá ti ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ pe 112, tàbí 767 ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀, ìhalẹ̀ náà kò sì sọ pé kí ẹ dúró sí ilé tó léwu.

Bí ẹ ṣe máa lọ

Ẹ kó ìwé jáde ṣáájú: ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, káàdì NIN, ìwé ìgbéyàwó, rìsíìtì owó ilé, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, káàdì àjẹsára. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ gbé àwọn gidi sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Ẹ ṣírò owó. Ìyá Ìbejì rí iyàrá kan ní Ìkòròdú nítòsí àǹtí rẹ̀, ₦250,000 lọ́dún. Ó mọ̀ pé owó agírímẹ́ǹtì àti ti ejẹ́ǹtì á gun orí rẹ̀, ó sì fẹ́ ní oúnjẹ oṣù méjì lọ́wọ́. Ó gbà pé ₦450,000 ló máa tó, èésú rẹ̀ tó máa kàn án lóṣù yẹn àti ohun tó ti ń fi pamọ́ sì dé ibẹ̀. Ẹni tí owó kò tíì pé fún lè lọ sọ́dọ̀ ẹbí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sọ iye oṣù.

Ẹ lọ nígbà tí kò sí nílé, ọ̀sán ni ó dára jù. Ẹ sọ fún olórí ilé-ìwé ẹni tó lè wá mú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti débi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé àwọn ọmọ wà lálàáfíà.

Lílọ gbé ibòmíràn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló máa sọ kọ́ọ̀tù tí ẹ máa lọ. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni. Èyí tí ẹ ṣe ní rẹ́jísìrì, irú ti Ìkòyí, Kọ́ọ̀tù Gíga nìkan ló lè tú u ká. Dídá owó orí padà kò tú u. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ohun tó dára fún wọn ni kọ́ọ̀tù máa ń wò.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé, ti ọdún 2007, kò dá lórí lílù nìkan. Ó ka fífi owó ni ẹlòmíràn lára nínú ilé mọ́ ọn, kọ́ọ̀tù sì lè pàṣẹ láti dáàbò bò yín. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó o ni DSVA. Ẹ lè pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000333333. OPD, ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba Èkó, ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò ní owó lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Tí kò bá sí lílù nínú rẹ̀, tí ẹ kàn fẹ́ kí ọkọ máa mú owó ọmọ wá, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó á pè é, á sì jẹ́ kí ẹ jọ kọ àdéhùn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹbí á wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì ní ìdáhùn nílẹ̀: oṣù mẹ́fà tí ₦30,000 ń wọlé ní gbogbo Sátidé láìfo ọ̀kan, ìwé dókítà láti Yábàá, àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà náà lọ́wọ́. Tí wọ́n bá mú un wá, ẹ jókòó wò ó ní ìlà-ìlà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ padà, owó ilé, èésú àti nọ́ńbà àṣírí ṣì wà lọ́wọ́ yín.